Pádì Mẹ́jọ ní Bárígà: Ibi Tí Bátìrì Ti Ń Bàjẹ́ Kí A Tó Mọ̀

Ilé gémù kan wà ní Bárígà tí mo máa ń bá tún nǹkan ṣe. Yàrá kan ṣoṣo ni, páánù ló wà lókè rẹ̀, síìlì rẹ̀ ti já níbi méjì. PS4 mẹ́rin ló wà níbẹ̀ àti pádì mẹ́jọ. Ẹni tó ni ibẹ̀ jù mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, àwọn náà sì ń pè mí ní Injinía. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ́gun ló ń bá wọn ṣí ṣọ́ọ̀bù, tó ń gba owó, tó sì ń tọ́jú pádì.

Ìpè tí ẹ̀gbọ́n pè mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò mú ọ̀rọ̀ bátìrì dání rárá. Wọ́n ní ìjà ni. Àwọn ọmọ méjì ta gémù bọ́ọ̀lù, wọ́n fi owó sílẹ̀, ó ku díẹ̀ kí ayò parí, pádì ọ̀kan kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Kí ó tó rí wáyà kì bọ̀ ọ́, wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún un. Ó ní òun ò san owó. Ẹ̀gbọ́n ní irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn oníbàárà sì ti ń lọ sí ilé gémù kejì tó wà ní òpópónà tó tẹ̀ lé tiwọn.

Nígbà tí wọ́n kó pádì náà wá, oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú ìgbà yẹn, pádì kan máa ń lò tó wákàtí mẹ́fà kó tó béèrè iná. Lọ́jọ́ tí mo dé, èyí tó gbìyànjú jù nínú àwọn tó wà lórí dọ́ọ̀kì lo wákàtí méjì àti díẹ̀. Dọ́ọ̀kì ni ìjókòó ike tí wọ́n ń gbé pádì lé kí ó máa gba iná láti abẹ́, láìsí wáyà. Mẹ́rin ni wọ́n ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba pádì méjì.

Mo bi Ṣẹ́gun léèrè bí ṣájà ṣe ń ṣe sí. Inú rẹ̀ dùn láti sọ fún mi pé dọ́ọ̀kì ò ní ìṣòro o. Ó ní tẹ́lẹ̀, ó máa ń tó wákàtí méjì kí iná pupa tó di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ní báyìí kì í ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ó rò pé dọ́ọ̀kì náà ti ń yára sí i ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, torí àwa tó ń tún nǹkan ṣe pàápàá máa ń gbójú fo àmì yìí. Dọ́ọ̀kì kò lè yára ju bó ṣe wà lọ. Pádì fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bí iná ṣe máa wọ bátìrì, torí inú pádì ni ẹ̀rọ tó ń darí ṣájà wà. Ohun tí dọ́ọ̀kì ń ṣe kò ju kó gbé iná fóltì 5 sí ẹnu rẹ̀ lọ. Bí garawa tó ń gba wákàtí méjì kó tó kún bá wá ń kún ní ogójì ìṣẹ́jú lábẹ́ ẹ̀rọ omi kan náà, garawa ló kéré sí i.

Àmì kejì tún wà tí mo fi ojú ara mi rí. Mo di bọ́tìnì PS mú kí ó fi ìwọ̀n bátìrì hàn mí lójú tẹlifíṣọ̀n, ìlà méjì nínú mẹ́ta ló ṣì wà. Mo gbá bọ́ọ̀lù, ó lu òpó, pádì gbọ̀n jìgìjìgì bó ṣe máa ń gbọ̀n, ó sì kú fin-ín. Mo tún tàn án, ó tàn, ìlà kan ló kù. Bátìrì tó ti gbó máa ń ní agídí nínú: iná wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yọ̀ǹda rẹ̀ kíákíá. Bí mọ́tò kéékèèké tó ń mú pádì gbọ̀n bá béèrè iná lójijì, fóltì rẹ̀ á wó lulẹ̀, pádì á rò pé ó ti tán. Ìdí nìyẹn tí pádì fi ń kú lásìkò tí ayò gbóná jù, tí àwọn ọmọ fi ń rò pé ẹnìkan fi ọgbọ́n pa á.

Kí wọ́n tó pè mí, ẹ̀gbọ́n ti gbìyànjú nǹkan méjì. Àkọ́kọ́, ẹnìkan sọ fún wọn pé kí wọ́n máa lo pádì títí yóò fi kú pátápátá kí wọ́n tó fi sí iná, pé bátìrì ní ìrántí. Bátìrì oní-níkẹ́lì ayé ọjọ́un ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ló wà nínú pádì PS4, kò ní ìrántí kankan, bí a sì ṣe ń lò ó gbẹ tó ni à ń fìyà jẹ ẹ́ tó. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan. Ó wá bọ́ sí àkókò Iléyá, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n sì fi pádì méjì tó ti kú sílẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, méjèèjì kò gba iná mọ́. Mo ṣí wọn, mo fi mítà wọn bátìrì wọn: ọ̀kan ní fóltì 1.7, èkejì 2.1. Bátìrì yìí kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ju nǹkan bíi 2.5 lọ. Bó bá kọjá ibẹ̀, bàbà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, bí a bá sì tún fipá rọ iná sí i, bàbà náà lè dì síbi tí kò yẹ kó sì fa iná inú lọ́hùn-ún. Àwọn kan máa ń fi bátìrì mìíràn ta á jí. Èmi kì í ṣe é. Mo yọ méjèèjì sọnù.

Èkejì, wọ́n ra bátìrì tuntun mẹ́fà tí wọ́n kọ 2000 mAh sí lára, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà, wọ́n fi márùn-ún nínú rẹ̀ sínú pádì márùn-ún. Èyí tó wà nínú pádì nígbà tó ti ilé iṣẹ́ dé jẹ́ 1000 mAh, nítorí náà wọ́n rò pé àwọn ti rí ìlọ́po méjì rà. Láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Nígbà náà ni wọ́n pè mí.

Mo ní mítà kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ àárín ṣájà àti wáyà, tó ń ka iye mAh tó gba inú rẹ̀ kọjá. Mo lo pádì kọ̀ọ̀kan títí ó fi pa ara rẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi wáyà sí i, mo sì jẹ́ kí ó kún. Iye tí mítà yìí ń kà kì í ṣe ìwọ̀n bátìrì gan-an, torí díẹ̀ nínú iná náà ń di ooru lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi pádì kan wé èkejì lórí mítà kan náà, kì í parọ́. Mo mú pádì tuntun ti ara mi kọ́kọ́ dánwò: 970. Àwọn pádì ẹ̀gbọ́n tó ní bátìrì 2000 mAh ń mú láàárín 410 sí 520. Mo yọ ọ̀kan tí wọn ò tíì lò nínú páálí, torí ó ṣẹ́ kù kan, mo dán an wò: 560. Ọjọ́ tí wọ́n rà á gan-an kò tó ìdajì ohun tó kọ sára. Ẹni tó bá gbé e sọ́wọ́ yóò mọ̀, ó fúyẹ́ ju ti àtilẹ̀wá lọ, kò sì sí bí bátìrì tó jọ ọ́ ní gígùn, ní ìbú àti ní nínípọn ṣe lè gba ìlọ́po méjì.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni mo dúró sí, ǹ bá ní kí wọ́n lọ ra bátìrì gidi, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n bátìrì irọ́ kò ṣàlàyé ohun tó pa ti àtilẹ̀wá kí oṣù mẹ́rìnlá tó pé. Ẹ̀gbọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ni, pé iná tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló jẹ bátìrì. Èrò tó mọ́gbọ́n wá ni ní Èkó, torí náà mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo wọn iná tó ń jáde lẹ́nu dọ́ọ̀kì nígbà tí NẸ́PÀ wà, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ wà, àti nígbà tí ìnfátà nìkan wà. Fóltì 5.1 ni nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò yẹ̀. Ṣájà ìsinsìnyí ń gba iná láti 100 títí dé 240 láìjẹ́ kí bátìrì mọ̀. Jẹnẹrétọ̀ lè ba ṣájà jẹ́, ṣùgbọ́n kò ba bátìrì wọ̀nyí jẹ́.

Ohun tó yí ọ̀rọ̀ náà padà ni pádì kan tí wọ́n we téèpù pupa mọ́. Mi ò ka á kún, torí ó ti dọ̀tí jù, bọ́tìnì rẹ̀ kan sì ti wọlé. Nígbà tí mo fi mítà wọ̀n ọ́n, ó mú 750. Mo rò pé mo ṣì í kà, mo tún un ṣe lọ́jọ́ kejì: 740. Mo bi Ṣẹ́gun pé ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ó ní, “A ò pààrọ̀ rẹ̀ rí, sà. Ọjọ́ kan náà la kó gbogbo wọn dé. Mínírà dà sí i nísàlẹ̀, àtìgbà yẹn ni kò ti jókòó mọ́ dọ́ọ̀kì mọ́. Wáyà ni mo máa ń fi sí i láàárọ̀ tí mo bá ń gbálẹ̀, ojú PS4 ni mo ti ń fà á. Tí mo bá gbálẹ̀ tán, mo máa ń yọ ọ́.”

Pádì tó dàgbà bákan náà, tí wọ́n ń lò bákan náà, tí kò sì bá dọ́ọ̀kì ṣe, òun ló lágbára jù. Ìgbà yẹn ni mo tó dìde lọ wo ibi tí dọ́ọ̀kì wà. Láti ìgbà tí mo ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò kíyè sí i rí: pákó kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, dọ́ọ̀kì mẹ́rin wà lórí rẹ̀, àpótí ìnfátà sì wà ní tààrà lábẹ́ pákó náà pẹ̀lú fáànù rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sókè. Mo gbé tẹmómítà sórí pákó láago méjì ọ̀sán. 41 dígírì. Ní àárín yàrá níbi tí àwọn ọmọ ń jókòó, 33 ni. Àwọn tó ṣe pádì náà ní kí a máa fún un níná níbi tí kò ju 30 dígírì lọ.

Ooru nìkan kọ́. Mo jókòó ní ọ̀sán yẹn, mo ń wo ọwọ́ Ṣẹ́gun. Bí ayò kan bá ti parí, á gba pádì, á sì gbé e padà sórí dọ́ọ̀kì. Ayò kan kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, nítorí náà pádì ń kúrò lórí dọ́ọ̀kì ní kíkún, á padà sí i nígbà tí púpọ̀ nínú iná rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, á tún kún. Ní alẹ́, gbogbo wọn á sùn síbẹ̀ títí di àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn ló pa á láṣẹ, kí pádì má bàa kú lójú oníbàárà. Ohun tí wọ́n ṣe láti dá ìjà dúró ló ń fa ìjà.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé iná àkúnwọ́sílẹ̀ ló ń pa bátìrì lórí dọ́ọ̀kì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bátìrì bá ti dé fóltì 4.2, ẹ̀rọ inú pádì á ti ilẹ̀kùn. Ìyà tó ń jẹ ẹ́ ni pé ó wà ní kíkún fún ìgbà pípẹ́ nínú ooru. Nínú bátìrì lítíọ́ọ̀mù, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó bo kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀. Awọ yẹn ń nípọn sí i lójoojúmọ́, a lo bátìrì o, a ò lò ó o. Lítíọ́ọ̀mù tó bá há sínú rẹ̀ kò tún ní bá wa gbé iná mọ́, awọ tó nípọn sì ni ó ń fa agídí tí mo sọ lókè. Ooru ń mú un yára nípọn. Bí fóltì bá sì ga, nǹkan olómi inú bátìrì á máa díbàjẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, á máa yọ gáàsì. Àkọsílẹ̀ kan tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn oníṣẹ́ bátìrì fi bó ṣe pọ̀ tó hàn: bátìrì tí wọ́n tọ́jú fún ọdún kan ní 25 dígírì, tó sì kún, á ṣẹ́ kù nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 ohun tó lè gbà, tó bá jẹ́ ìdá 40 ni wọ́n fi sínú rẹ̀, á ṣẹ́ kù nǹkan bíi 96. Ní 40 dígírì, eléyìí tó kún á ṣẹ́ kù bíi 65, èkejì bíi 85. A ò tíì fi ohun tí lílò fúnra rẹ̀ ń jẹ kún un. Pákó ẹ̀gbọ́n kò yàtọ̀ sí 40 dígírì yẹn.

Síbẹ̀, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni pádì onítéèpù, ó sì lè jẹ́ pé bátìrì tirẹ̀ kàn dára ju ti àwọn yòókù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n pé wọ́n máa ra bátìrì mẹ́jọ tó jẹ́ gidi bó ti wù kó rí, kí wọ́n wá jẹ́ kí n fi mẹ́rin nínú rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Wọ́n gbà. Kí a tó rà, mo wo ìdí pádì kọ̀ọ̀kan, torí ẹnu wáyà bátìrì kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí wọ́n kọ CUH-ZCT1 sí ní ẹnu tó tóbi, bátìrì LIP1522 ló bá a mu. CUH-ZCT2 ní ẹnu kékeré, KCR1410 ni tirẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gé wáyà kó lè so ó pọ̀, tí ó sì jẹ́ kí wáyà pósítíìfù kan nẹ́gátíìfù.

A fi pádì méjì sórí pákó bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. A gbé dọ́ọ̀kì méjì mìíràn lọ sí ògiri òdìkejì lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí tẹmómítà kò ti ju 34 lọ lọ́sàn-án, a fi pádì méjì síbẹ̀, a sì ní kí Ṣẹ́gun máa yọ wọ́n bí iná bá ti di àwọ̀ ewé. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kùnà. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, méjèèjì wà lórí dọ́ọ̀kì, iná wọn jẹ́ àwọ̀ ewé, wọ́n sì ti sùn síbẹ̀. Mi ò dá Ṣẹ́gun lẹ́bi. Ẹni tó ń gba owó, tó ń ya ìjà, tó ń tan jẹnẹrétọ̀, kò lè máa wo iná kékeré lára ike. Mo ra sọ́kẹ́ẹ̀tì oníaago kan, mo fi dọ́ọ̀kì ẹ̀bá fèrèsé sí i: á tàn fún wákàtí kan ààbọ̀ láàárọ̀ kí wọ́n tó ṣí, á tún tàn fún wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà á pa ara rẹ̀. Pádì lè jókòó lórí dọ́ọ̀kì títí di ọ̀la, kò séwu, torí kò sí iná tó ń wọlé láti máa tún un kún lóru.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mo tún kó mítà mi wá. Àwọn bátìrì tuntun náà ti mú láàárín 955 sí 980 lọ́jọ́ tí a fi wọ́n sí i. Àwọn méjì orí pákó mú 800 àti 785. Àwọn ẹ̀bá fèrèsé mú 915 àti 905. Ẹ̀gbọ́n wo ìwé tí mo kọ ọ́ sí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n tú pákó náà kúrò lára ògiri fúnra wọn.

Nígbà tí mo ń yọ àwọn bátìrì irọ́ kúrò, mo bá ọ̀kan tó ti wú. Ẹ̀yìn pádì rẹ̀ ti ya díẹ̀ níbi ìsopọ̀, èékánná lè wọ̀ ọ́, bọ́tìnì apá ọ̀tún sì ń há nítorí pé bátìrì ń tì í láti inú. Ẹnikẹ́ni tí pádì rẹ̀ bá ń há lójijì, kí ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ó tó da nǹkan sí bọ́tìnì. Wọn kì í fi nǹkan ẹlẹ́nu yọ irú bátìrì bẹ́ẹ̀, wọn kì í tẹ̀ ẹ́ pẹ̀rẹ́sẹ̀, wọn kì í sì í jù ú sí ààtàn tí wọ́n ń dáná sun. Mo fi ọwọ́ yọ ẹnu wáyà rẹ̀, mo gbé e sínú agolo tó ní yanrìn gbígbẹ, mo sì gbé agolo náà sí ìta.

Ohun tí mò ń ṣe yàtọ̀ láti ìgbà yẹn kò pọ̀. Bí ènìyàn bá gbé pádì wá pé kò pẹ́ mọ́, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé níbo ló ń sùn, kí ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ni ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu bó ṣe jẹ́ pé orí PS4 fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbé dọ́ọ̀kì sí, níbi tí ooru rẹ̀ ti ń jáde. Lẹ́yìn náà mo máa ń béèrè bó ṣe ń pẹ́ kó tó kún, torí èyí tó ń yára kún ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Pádì tí a kò ní lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìdajì iná ni mo máa ń fi sínú rẹ̀, kì í ṣe kíkún, kì í sì í ṣe òfìfo. Àwọn tó ní pádì tó ń lo bátìrì kéékèèké bíi ti rìmóòtù ní tiwọn lè pààrọ̀ èyí tó bá gbó láìṣí ìdè kankan, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ka ọ̀rọ̀ tiwọn sí wàhálà.

Mi ò lè mú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n tutù. Bí iná bá lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta, ẹ̀bá fèrèsé náà ń gbóná, bátìrì á sì máa dín kù. Ohun tí a rí gbà ni àkókò. Lórí bátìrì kọ̀ọ̀kan tí mo bá fi sí pádì, mo máa ń fi bírò onínkì dúdú kọ ọjọ́ tí mo fi sí i àti iye tí mítà kà lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá tún gbé e padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹni tó bá ṣí i, bí kì í bá tilẹ̀ ṣe èmi, yóò rí i kà: 965, àti ọjọ́ rẹ̀.